Alága Ìdúró Ń Wá Ìjókòó: Òwe, Oríkì àti Ìfọ̀rọ̀dárà Lẹ́nu Ẹni Tó Ń Tage

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Arábìnrin kan wà ní Lágere tó ń bá mi rán aṣọ, ọmọ Iléṣà ni wọ́n, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí wọn kì í fi òwe dáhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kí wọn pé, 'Àdùkẹ́ mi, ìbàdí àrán.' Wọ́n wò mí lókè, wọ́n wò mí nílẹ̀, wọ́n ní, 'Alága ìdúró, ẹ kú iṣẹ́ o.' Àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn bú sẹ́rìn-ín, mi ò sì rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Báwo ni mo ṣe lè bá wọn tage kó dùn, kí n má di ẹni yẹ̀yẹ́?"

Arábìnrin yẹn ò lé yín. Oyè ló fi yín jẹ, oyè náà sì nítumọ̀ méjì. Ìtumọ̀ kìíní ni pé ọ̀rọ̀ tí ẹ fi kí i ti gbó sẹ́nu àwọn alága tó ń darí ìdána. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń pe ìyàwó tí wọn ò rí rí ní Àdùkẹ́ ìbàdí àrán, kí wọ́n tó kọjá sí ilé kejì lọ kí òmíràn bẹ́ẹ̀. Kíkí tó bá gbogbo ènìyàn mu kò kí ẹnikẹ́ni. Ìtumọ̀ kejì ló yẹ kó mú inú yín dùn díẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé alága ìjókòó ló ń ṣojú ẹbí ìyàwó, alága ìdúró ló ń ṣojú ẹbí ọkọ, òun ló ń dúró bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un. Nínú gbogbo oyè tó lè fi bú yín, èyí tó ń tọrọ ìyàwó ló mú. Mi ò ní kí ẹ torí ìyẹn lọ yan aṣọ ẹbí o. Ohun tí mò ń wí ni pé ó ju bọ́ọ̀lù sí yín, ẹ sì jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú kíkí yín palẹ̀, torí àṣìṣe mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Ẹ ò mọ̀ bóyá Àdùkẹ́ lorúkọ oríkì rẹ̀. Tó bá jẹ́ Àjọkẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń pè é, orúkọ ẹlòmíràn lẹ fi kí i yẹn. "Mi" tí ẹ sì fi kún un ti sọ ọ́ di tiyín kí ó tó mọ̀. Ti ìbàdí àrán ló burú jù. Oríkì tó dáa ni lẹ́nu ọkọ nínú yàrá. Ṣùgbọ́n lẹ́nu oníbàárà tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ohun tó ń sọ ni pé ìdí obìnrin yìí lẹ ń wò látìgbà tí ẹ ti wọlé, ẹ sì sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí kò bá fi ẹ̀fẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yẹn padà, àwọn ọmọ yẹn ni yóò máa fi ṣe é yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà yóò fi ṣú. Nítorí náà, yálà ẹ fẹ́ lo òwe tàbí oríkì, tí ọmọ iṣẹ́ bá wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lẹ máa yìn. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá ku ẹ̀yin méjì, kódà nígbà náà, ojú àti ẹ̀rín ni kí ẹ mọ sí.

Ẹ̀fẹ̀ yẹn kò tíì kú. Tí ẹ bá padà lọ gba aṣọ, ẹ má jókòó. Ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Yóò ní kí ẹ jókòó, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún oníbàárà. Ẹ wá dá a lóhùn pé, "Alága ìdúró ni ẹ ní mo jẹ́. Ta ni yóò wá fún mi ní ìjókòó?" Ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tán. Tí ó bá tún ní kí ẹ jókòó, oríkì ti rí àyè wọlé nìyẹn. Ìjẹ̀ṣà, ọmọ ẹlẹ́ní ẹwẹlẹ, ọmọ ẹlẹ́ní àtẹ́ẹ̀ká, báyìí ni wọ́n ń kí ará Iléṣà. Ẹ mú ìlà kan ṣoṣo níbẹ̀: "Ọmọ ẹlẹ́ní àtẹ́ẹ̀ká, ẹní tí wọ́n tẹ́ kárí ilé, ẹ sì fi àlejò sórí ìdúró látọjọ́ yìí!"

Ẹ wo ohun tí ìlà kan yẹn ṣe. Oyè tó fi yín jẹ lẹ fi dá a lóhùn, nítorí náà ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun wọ̀ yín létí. Oríkì ìlú rẹ̀ lẹ lò, kì í ṣe ti gbogbo obìnrin, nítorí náà ó mọ̀ pé ẹ ti bèèrè ibi tí òun ti wá. Ẹ sì fi oríkì náà fẹ̀sùn kékeré kàn án, ẹ ò kàn kó o dà sí i lórí. Ibẹ̀ ni ẹni tó mọ oríkì lò ti yàtọ̀ sí ẹni tó kàn há a sórí. Oríkì tí a kò so mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ a máa dún bí èyí tí a kà nínú ìwé. Tí ìlà oríkì bá di mẹ́ta, mẹ́rin, tí ẹ wá ń fa ohùn bí akígbe, alágbe lẹ dà yẹn, ohun tí ọwọ́ obìnrin náà yóò máa wá ni owó tí yóò lẹ̀ mọ́ yín lórí. Ìlà kan tó, méjì ti pọ̀.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ nínú oríkì ẹní yìí. A ń jókòó lórí ẹní, a sì ń sùn lórí rẹ̀. Tí ẹ bá ti dé ibi ìjókòó, ẹ dúró níbẹ̀. Tó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló mú un kọjá síbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ìyẹn yàtọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́, gbogbo ẹwà ọ̀rọ̀ náà ti rá.

Ìjẹ̀ṣà tún ní òṣómàáló. Àwọn oníṣòwò aṣọ wọn láyé àtijọ́ ló ń ta àwìn káàkiri. Tí wọ́n bá dé ilé ajẹgbèsè, wọ́n á lóṣòó sílẹ̀ pé ìlóṣòó làwọn máa wà títí àwọn yóò fi gba owó àwọn. Ẹ̀fẹ̀ ọwọ́ ni èyí fún ẹni tó ń bá ọmọ Iléṣà sọ̀rọ̀: "Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, òṣómàáló títí n ó fi gbọ́ orúkọ oríkì yín." Ẹ kíyè sí ohun tí ẹ bèèrè. Orúkọ lásán ni, ohun tí èèyàn lè fún yín láìná an ní nǹkan kan. Òṣómàáló fún nọ́ńbà fóònù tàbí fún "bẹ́ẹ̀ ni" kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́, agbowó-èlé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ó bá sì ní òun ò sọ, ẹ dìde kíá, kí ẹ ní, "Ẹ ti jàre, gbèsè ò sí níbẹ̀." Wàràwàrà tí ẹ bá fi dìde ni yóò fi mọ̀ pé eré ni.

Ẹ má fi ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀ṣà dán nǹkan wò o. Ẹ lè mọ̀ pé wọ́n ń pe ilé ní "ulé", wọ́n ń pe iṣu ní "uṣu". Lẹ́nu ọmọ Ìbàdàn, bí ẹni ń sín wọn jẹ ni yóò rí. Bákan náà ni ogun àtijọ́. Láàárín ọdún 1877 sí 1893 ni Ìbàdàn àti Ìjẹ̀ṣà fi wà lójú ogun Kírìjì. Àwọn kan rò pé ọgbọ́n ni láti fi ìyẹn dápàárá fún ọmọ Iléṣà. Tó bá jẹ́ òun ló dá a sílẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ tọrọ àforíjì nítorí àwọn bàbá yín. Ẹ̀yin ẹ má dá a sílẹ̀.

Ní ti orúkọ oríkì, kì í ṣe gbogbo ilé nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ń sọ ọmọ ní in bíi ti àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, nítorí náà ó lè ní òun ò ní. Ẹ má wá fún un ní ọ̀kan. Tó bá ní, ọ̀nà tí ẹ ó gbà bèèrè ṣe pàtàkì. "Kí ni oríkì yín?" dà bí ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù. Ẹ bi í pé: "Tí ìyá yín bá fẹ́ rán yín níṣẹ́ tí ẹ ò fẹ́ jẹ́, orúkọ wo ni wọ́n máa ń fi pè yín?" Gbogbo ọmọ tí wọ́n fi oríkì tàn rí ló mọ orúkọ yẹn. Ìrántí ilé ni yóò kọ́kọ́ mú ẹ̀rín wá sẹ́nu rẹ̀, kí orúkọ tó jáde.

Tí orúkọ bá jáde, ẹ máa wo àárín rẹ̀. Orúkọ oríkì obìnrin púpọ̀ ló jẹ́ "à" níwájú, "kẹ́" lẹ́yìn, iṣẹ́ kan láàárín. Iṣẹ́ àárín yẹn lẹ fẹ́. Ká ní Àjọkẹ́ ló pè. Ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń kẹ́ ni. Ẹ lè ní, "Àjọkẹ́! Àwọn mélòó ló ti wà nídìí kíkẹ́ yìí? Ṣé àyè ẹnì kan ṣì kù?" Ẹ ti bi í bóyá ó ní àfẹ́sọ́nà, láìbi í. Tó bá ní ẹnìkan, yóò ní, "Wọ́n ti pé," gbogbo yín á rẹ́rìn-ín, ojú ò ní ti ẹnikẹ́ni. Tí kò bá ní, yóò ní, "Ẹ kọ̀wé béèrè," tàbí ohun mìíràn tó jọ ọ́. Ká ní Àbẹ̀kẹ́ ni, ẹ̀bẹ̀ ló wà láàárín: "Ẹ̀bẹ̀ mélòó ni wọ́n ń bẹ̀ kí wọ́n tó ráyè kẹ́ yín? Kí n lè bẹ̀rẹ̀ lónìí." Àṣàkẹ́ ńkọ́? Ẹni tí a ṣà kẹ́ ni, ó sì bá ibi tí aṣọ pọ̀ sí mu: "Nínú gbogbo ẹni tó wà níbí, ojú ẹni tó ṣà yín mú." Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi orúkọ náà sápò. Ẹni tó bá ń pe Àjọkẹ́ ní gbogbo gbólóhùn ti sọ oríkì di "hẹ́lóò". Ó sì lè dá yín padà. Tó bá bi yín léèrè tiyín, tí ẹ ní Àjàní, ẹ múra sílẹ̀ de, "Àjàní, ta lẹ bá jà kí ẹ tó rí mi?" Obìnrin tó bá ti ń bèèrè oríkì yín ti wọ inú eré.

Ó wá ku òwe, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti ń ba nǹkan jẹ́, torí wọ́n ń pa á tán. Òwe tí a pa tán fún ẹni tó mọ òwe, ìwàásù ni. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, nínú rẹ̀ ló ti ń di odindi, nínú ìtage sì nìyí, ẹnu rẹ̀ la fẹ́ kí ààbọ̀ kejì ti jáde. Bí ó bá ti parí òwe yín, ẹ ti jọ sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nítorí náà, òwe tí gbogbo ayé mọ ìparí rẹ̀ lẹ máa mú, kì í ṣe ìjìnlẹ̀ tí ẹ lọ wá nílé bàbá àgbà.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí tí ẹ ó fi pè é síbi oúnjẹ ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀sán ti pọ́n, ó ń na téèpù sí yín léjìká, ẹ bèèrè bóyá ó ti jẹun, ó ní rárá.

"Ẹ̀yin tí ẹ mọ òwe, ẹ bá mi parí eléyìí. Iyán loúnjẹ…"

"Ọkà loògùn."

"Ara mi le, ara tiyín náà le. Ẹ jẹ́ ká fi oògùn sílẹ̀ fún aláìsàn, ká lọ jẹ oúnjẹ lọ́la."

Ọ̀nà mẹ́ta ni èyí lè gbà. Ó lè ní, "Ẹ ó sì rówó iyán?" Ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ sọ ibi tí ẹ ó ti jẹ ẹ́ àti aago tí ẹ ó wá, kí ọ̀rọ̀ má fò lọ. Ó lè bá òwe náà lọ títí dé ìdí: "Àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ti gúgúrú yẹn nìkan ni mo lè gbà lọ́wọ́ yín." Ẹ má ka ìyẹn sí ìkọ̀sílẹ̀. Ìwọ̀n tó fẹ́ ló sọ yẹn. Ẹ ra gúgúrú àti ẹ̀pà wá lọ́jọ́ kejì, kó tó ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má ra iyán. Ẹni tó bá gbé iyán dé lẹ́yìn tí wọ́n ní gúgúrú kò gbọ́ òwe. Tàbí kó ní, "Mo ń gbààwẹ̀," tàbí "Iṣẹ́ wà nílẹ̀," kó sì bojú wo téèpù rẹ̀. Òwe ti parí lọ́jọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kó wọ̀n yín.

Tó bá jẹ́ pé òun ló gbọ́n lówe jù yín lọ, bí ẹ ti wí, ẹ fi ìyẹn ṣe eré náà fúnra rẹ̀. Tí ọ̀dọ́ bá pa òwe níwájú àgbà, a máa ń ní, "Tótó, ó ṣe bí òwe o," àgbà á sì ní, "Wàá rí òmíràn pa." Ẹ ṣe é fún un. Ẹ pa òwe kékeré kan, kí ẹ fọwọ́ kan àyà díẹ̀, "Tótó, ó ṣe bí òwe." Ó fẹ́, ó kọ̀, yóò dáhùn bí àgbà. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá padà dé, "òmíràn" tó ṣèlérí ti wà nílẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Nípa òwe tó ń kóni sí wàhálà, ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè dán òwe wò kí ẹ tó pa á: ẹ bi ara yín pé, ta ni obìnrin yìí nínú òwe náà? "Igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó" dára létí. Àwọn ọkùnrin ń lò ó láti fi bèèrè bóyá ẹnìkan ti gba ọmọge. Ṣùgbọ́n níbi òkú ọ̀dọ́ la ti ń gbọ́ òwe yẹn jù, nígbà tí ẹni rere bá kú láìtọ́jọ́. Òun ni igi, àáké ikú ló gé e. Tó bá sì jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣòfò, ẹ ti ba ọdún kan jẹ́ níṣẹ́jú kan. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn" náà ńkọ́? Sùúrù ni ẹ fẹ́ fi hàn, àmọ́ ẹ ti pe ara yín léjò. Òwe tó bá fi í ṣe ọjà, ẹran tàbí adìẹ, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "obìnrin" ńkọ́? Ẹ sá fún un, torí èèbù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Òwe tó dáa níbi yìí ni "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Òun ni oyin, ẹ̀yin lẹ ń jìyà. Síbẹ̀, ẹ dúró kó ti máa rẹ́rìn-ín sí yín kí ẹ tó lò ó, torí lẹ́nu ẹni tí wọn ò tíì gbà, àáké ni yóò gbọ́.

Ìfọ̀rọ̀dárà ló dùn mọ́ mi jù, torí ohùn Yorùbá ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà sílẹ̀. Àṣírí rẹ̀ ni pé kí ọ̀rọ̀ kìíní jẹ́ ti ibi iṣẹ́ náà gan-an, kó má fura, kí ọ̀rọ̀ kejì wá yí i padà. Lọ́dọ̀ aránṣọ, ẹ ní "wọ̀n" àti "wọ́n". Nígbà tó bá wọn ọrùn àti apá yín tán, ẹ ní, "Ẹ ti wọ̀n mí tán. Ẹ̀yin gan-an lẹ wọ́n." Ohun tí etí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbé ni pé owó iṣẹ́ rẹ̀ lẹ fẹ́ dù. Yóò ti fẹ́ máa wí pé iye tí gbogbo ènìyàn ń san nìyẹn. Ẹ fi kún un pé, "Kì í ṣe ti owó. Irú yín ló wọ́n." Àárín ìgbà tó fi rò pé ẹ ń nájà sí ìgbà tó mọ̀ pé ìyìn ni, ibẹ̀ ni adùn náà wà, nítorí náà ẹ má kánjú ṣàlàyé. Ẹ má sì wá àfiwé kún un. Àfiwé tó yá lẹ́nu Yorùbá fún ohun tó wọ́n ni imí eégún, mi ò sì mọ obìnrin tó fẹ́ gbọ́ ìyẹn.

"Rán" náà wà níbẹ̀: "Aṣọ lẹ ní ẹ ó rán. Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀yin ni mò ń rántí?" Ọjọ́ tí aṣọ bá pẹ́ kó tó parí ni èyí dára fún jù, torí ẹ ò bínú, ẹ sì rán an létí iṣẹ́ yín. Lọ́jọ́ tí aṣọ bá bàjẹ́, ẹ má ṣe ìfọ̀rọ̀dárà kankan. Ẹ yanjú ọ̀rọ̀ aṣọ ná.

Ti Ifẹ̀ àti ìfẹ́, gbogbo ọmọge tó ti gbé Ifẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ló ti gbọ́ "Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé, ilé ìfẹ́ ni mò ń wá." Ó ti ṣá. Tí ẹ bá fẹ́ lò ó dandan, ẹ tún un ṣe: "Iléṣà sí Ifẹ̀, ọkọ̀ ni. Ifẹ̀ sí ìfẹ́, àmì ohùn méjì péré ni." Àtẹ̀jíṣẹ́ lèyí wà fún, torí ojú ló máa rí àmì méjèèjì. Ẹ sì fi àmì sí i o! Ẹni tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kò lè fi ọ̀rọ̀ dárà lórí Wáàsáàpù. Tí ẹ ò bá lè fi sí gbogbo rẹ̀, ẹ fi sórí ọ̀rọ̀ méjì tí ẹ̀fẹ̀ wà nínú wọn. Ọkùnrin tó bá sì tẹ "ọkọ" láìsí àmì lábẹ́, kó tún un wò kó tó fi ránṣẹ́. Gbogbo wa la mọ ohun tí o-k-o lè dà lójú ẹni tó ń kà á.

Ẹ bá mi mú "ẹ" dání ní gbogbo àsìkò yìí. Ẹ̀fẹ̀ tí a fi "ẹ" ṣe máa ń dùn ju èyí tí a fi "o" ṣe lọ, torí ọ̀wọ̀ àti ìtage wà nínú gbólóhùn kan náà. Ọkùnrin tó bá já sí "o" lọ́jọ́ kẹta kò rí i pé òun ti fo àtẹ̀gùn. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òun ló máa ní, "Ẹ yéé 'ẹ' mi mọ́ jàre." Lọ́jọ́ tó bá sọ ìyẹn, kò sí òwe tó jù ú lọ. Tó bá ṣèèṣì pè yín ní "o" láàárín ẹ̀rín, tó wá tún un ṣe ní "ẹ," ẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ohun tí ẹ ó fi mọ̀ pé kí ẹ dáwọ́ dúró kò pamọ́. Ẹni tí ẹ̀fẹ̀ ń dùn mọ́ a máa dá a padà. Ìdáhùn rẹ̀ a máa gùn ju ọ̀rọ̀ tiyín lọ, tàbí kó mú ọ̀rọ̀ àná wá fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ "Ẹ ṣeun" nìkan lẹ ń gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, tó bá ń bèèrè ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gba aṣọ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá mú òwe wá, tàbí tó pa èyí tó ń ti ilẹ̀kùn, "Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n," ó ti dá yín lóhùn. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò lè dìde kúrò níbẹ̀ fún yín. Ẹ gba aṣọ, ẹ san owó, ẹ kí i bí oníbàárà. Tí ẹ bá rí ìyẹn tí ẹ tún ń wí "wá, wá, wá" ní onírúurú ohùn, ọfọ̀ ni yóò pè é, kò ní pè é ní ìtage mọ́.

Ṣùgbọ́n ká ní gúgúrú ti di ohun tí ẹ jọ ń jẹ, tí ẹ̀fẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀. Ohun kan wà tó ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Nínú àrokò tí wọ́n kọ sílẹ̀ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, owó ẹyọ mẹ́fà ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí ẹnìkan fi ń ránṣẹ́, torí ẹ̀fà, ó fà. Tó bá jẹ́ bákan náà lọ́kàn ẹni kejì, mẹ́jọ ló máa dá padà. Ẹ̀jọ, ó jọ. Owó ẹyọ ò pọ̀ mọ́, ọsàn pọ̀ nílùú. Ẹ ra ọsàn mẹ́fà gérégé, kó má jẹ́ márùn-ún, àrún ò jìnnà sí àrùn. Ẹ gbé e fún ọmọ iṣẹ́ kan pé kó fún ọ̀gá rẹ̀, kí ẹ sì lọ. Ẹ má kọ ìwé mọ́ ọn. Lálẹ́ yóò fi àtẹ̀jíṣẹ́ bèèrè pé ọsàn kí nìyí. Ẹ kọ ọ́ sí i pé, "Ẹ kà á."

Ó lè kà á kó má rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún rí ara yín lẹ lè sọ ìtàn àrokò náà fún un, láìbéèrè ohunkóhun. Ó lè dá mẹ́rin padà, kó ní ẹ̀rín lòun ń rín. Ẹ rín in pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ náà ṣì wà láàyè. Tó bá jẹ́ mẹ́jọ ló wọlé lọ́jọ́ kejì, ẹ bó wọn jẹ, kí ẹ pè é lórí fóònù, kí ẹ sọ ọ́ ní gbangba láìpa òwe kankan pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀, kí ẹ bi í bóyá ẹ lè wá kí i ní ọjọ́ Àìkú, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.